Ìbéèrè Kan, Máàkì 20: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìdánwò lórí Àyẹ̀wò Ipò Ọkàn

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tí òun náà ti di olùkọ́ báyìí, fi ìbéèrè ìdánwò kan ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó, lọ́la ni mo fẹ́ fi sílẹ̀." Ìbéèrè náà kò gùn rárá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: "Ṣàlàyé àyẹ̀wò ipò ọkàn. Máàkì 20." Ìlànà máàkì tó fi tẹ̀lé e kò gùn bákan náà. Ìrísí àti ìhùwàsí, máàkì 3. Ọ̀rọ̀ sísọ, máàkì 2. Ìṣesí inú, máàkì 3. Ó tò ó bẹ́ẹ̀ títí ó fi pé 20.

Mo pè é lórí fóònù. Mo ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní irú ìbéèrè yìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin náà ni sà." Òótọ́ ló sọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kí nǹkan kan tó là mí lójú. Ohun tí mo wá fẹ́ ṣe lónìí ni pé kí n sọ ohun tó là mí lójú náà, kí n sì kọ ìbéèrè kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin pẹ̀lú ìlànà máàkì rẹ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ ti di olùkọ́ lè rí ibi tí wàhálà máa ń wà.

Fún ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ kì í ṣe dókítà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń pè ní àyẹ̀wò ipò ọkàn. Bí dókítà ṣe máa ń gbé ẹ̀rọ sí àyà aláìsàn láti gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù, bẹ́ẹ̀ ni dókítà ọpọlọ ṣe máa ń fi ojú àti etí yẹ bí ọkàn aláìsàn ṣe rí wò ní wákàtí tí wọ́n jọ jókòó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò sí lára rẹ̀. Ìtàn àìsàn nìyẹn. Ohun tí dókítà rí tó sì gbọ́ nísinsìnyí ló jẹ mọ́ ọn. A máa ń kọ ọ́ lábẹ́ orí ọ̀rọ̀ méje: ìrísí àti ìhùwàsí, ọ̀rọ̀ sísọ, ìṣesí inú, èrò, ohun tí etí ń gbọ́ tàbí tí ojú ń rí láìsí níbẹ̀, agbára ìyè, ìyẹn ni bóyá ó mọ ibi tó wà àti ọjọ́ tó jẹ́, bóyá ó lè fọkàn sí nǹkan, bóyá ó ń rántí, àti èkeje, òye tí aláìsàn ní nípa àìsàn ara rẹ̀.

Ẹ ò rí i pé ènìyàn lè há orí ọ̀rọ̀ méje yìí sórí ní alẹ́ ọjọ́ kan? Wàhálà ìbéèrè "ṣàlàyé" nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò jókòó ti aláìsàn kankan rí lè gba 16 nínú 20. Èyí tó lo gbogbo ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ẹ̀rù ń bà àti ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́, lè gba 11 nítorí pé ó gbàgbé orí ọ̀rọ̀ méjì. Ìrántí ni ìbéèrè náà dán wò. Iṣẹ́ tí a gba akẹ́kọ̀ọ́ náà fún kọ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú àyẹ̀wò yìí. Èkíní ni kí o rí nǹkan kí o sì sọ ọ́ bí o ṣe rí i. Èkejì ni kí o pè é ní orúkọ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí o fi ẹ̀rí gbe orúkọ náà lẹ́sẹ̀. Kí olùkọ́ tó gbé bírò, kí ó bi ara rẹ̀ pé: èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mò ń béèrè? Èmi kò bi ara mi nígbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan ló sì jìyà rẹ̀.

Ó ti pẹ́. Mo kọ ìbéèrè kan fún àwọn tó wà ní ọdún ìkẹyìn. Mo ní: "Obìnrin kan, ẹni ọdún 32, sọ fún dókítà pé àjẹ́ ni ìyá ọkọ òun, ó sì ń fẹ́ pa òun. Dárúkọ àmì àìsàn tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Máàkì 5." Nínú ìlànà máàkì, ìlà kan péré ni mo kọ: "Ìgbàgbọ́ òdì pé wọ́n ń ṣe inúnibíni sí i, máàkì 5." Ìgbàgbọ́ òdì ni mo ń pe èrò àìsàn tó ti lẹ̀ mọ́ ènìyàn lọ́kàn, tí àlàyé tàbí ẹ̀rí kò lè tú kúrò.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan kọ pé: "A kò tíì lè sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn dá ló gbà pé àjẹ́ wà. Mo ní láti mọ bí ó ṣe mọ̀, àti ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ rò." Mo fún un ní òdo. Olùkọ́ kejì tó máàkì ìwé náà fún un ní 3. Èmi ni àgbà, nítorí náà òdo tèmi ló dúró. Gbogbo máàkì rẹ̀ wá jẹ́ 48. 50 ni ẹni tó fẹ́ yege gbọ́dọ̀ ní. Ká ní a gba 3 yẹn wọlé ni, 51 ni ì bá ní. Oṣù mẹ́fà ló fi dúró kí ó tó tún ìdánwò ṣe.

Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Kò wá jà. Ó ní, "Ẹ máà bínú sà, mo kàn fẹ́ mọ ibi tí mo ti ṣì í ni. Nílé wa, gbogbo wa la gbà pé àjẹ́ wà. Ìyá mi gbà bẹ́ẹ̀. Ṣé ìyá mi náà ní àìsàn ọpọlọ ni, sà?"

Mo sọ̀rọ̀ kan ṣá, n kò rántí ohun tí mo sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo mú ìbéèrè náà jáde, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló gbà á. Kò sí nǹkankan nínú ohun tí mo kọ tó lè jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ bóyá ìgbàgbọ́ òdì ni tàbí ìgbàgbọ́ tí ó wọ́pọ̀ ní ìlú. Ìdáhùn wà lórí èmi olùkọ́, kò sí nínú ìbéèrè. Àwọn tó yege kàn mọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni.

Kí ló wá ń sọ ìgbàgbọ́ di ìgbàgbọ́ òdì? Kì í ṣe pé ó jẹ́ irọ́. Ìyá ọkọ lè kórìíra ìyàwó ní tòótọ́. Ọkọ lè máa fura sí ìyàwó rẹ̀ nítorí àìsàn, kí ìyàwó náà sì ní àlè lóòótọ́. Ìgbàgbọ́ ọkọ yẹn ṣì jẹ́ ìgbàgbọ́ òdì bí ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ bá jẹ́ ti àìsàn. Karl Jaspers, dókítà ará Jámánì tó kọ ìwé ńlá lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1913, tẹnu mọ́ ọn pé kí á ya ohun tí èrò kan ń sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà tí èrò náà gbà wà lọ́kàn ènìyàn. Àjẹ́ ni ohun tí èrò náà ń sọ. Ìlú àti àṣà ló ń pèsè ìyẹn. Àìsàn wà nínú bí ó ṣe débẹ̀ àti bí ó ṣe lẹ̀ mọ́ ibẹ̀.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni dókítà ń wá. Àkọ́kọ́, báwo ló ṣe mọ̀? Èkejì, ṣé ó lè gbà pé ó ṣeé ṣe kí òun ṣì í? Ẹ̀kẹta, ṣé àwọn tí wọ́n jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń sin Ọlọ́run kan náà, gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ bí ó ṣe sọ ọ́? Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá sí nínú ìbéèrè, a kò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìdáhùn.

Ìbéèrè tí mo wá kọ lẹ́yìn náà nìyí. Mo ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà.

"Obìnrin ẹni ọdún 32, iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe, ìwé mẹ́fà ló kà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló mú un wá. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò ti sùn dáadáa. Ó jókòó sí etí àga, ó sì ń yíjú sí fèrèsé lemọ́lemọ́. Ó yí inú búláòsì rẹ̀ síta, kò sì di irun rẹ̀. Nígbà tí dókítà béèrè bí inú rẹ̀ ṣe rí, ó ní, 'Ẹ̀rù ń bà mí, dókítà. Ọkàn mi kò balẹ̀.' Ṣùgbọ́n nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ikú, ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, 'Àjẹ́ wà. Ẹni tó bá ní kò sí, irọ́ ló ń pa. Lọ́jọ́ Ajé, mo rí aṣọ pupa lórí okùn níwájú ilé aládùúgbò wa. Bí mo ṣe rí i báyìí ni mo mọ̀ pé ìyá ọkọ mi ti dájọ́ ikú fún mi.' Dókítà béèrè bóyá aládùúgbò náà kàn sá aṣọ rẹ̀ ni. Ó ní, 'Rárá o. Mo ti mọ̀.' Àbúrò rẹ̀ ní, 'Dókítà, gbogbo wa nílé la gbà pé àjẹ́ wà. Ṣùgbọ́n ti aṣọ pupa yìí, kò yé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìyá ọkọ rẹ̀ gan-an ló ń bá a tọ́jú àwọn ọmọ báyìí.'"

Ìbéèrè mẹ́rin ló tẹ̀lé e. A: ṣàpèjúwe ìrísí àti ìhùwàsí obìnrin yìí, máàkì 4. B: sọ ìṣesí inú rẹ̀, bí òun ṣe sọ ọ́ àti bí o ṣe rí i, máàkì 4. D: mú ìgbàgbọ́ kan tó jẹ́ ìgbàgbọ́ òdì àti ọ̀kan tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí o sì fi ẹ̀rí gbe ìkọ̀ọ̀kan lẹ́sẹ̀, máàkì 7. E: apá wo nínú àyẹ̀wò ni kò sí nínú àkọsílẹ̀ yìí? Kọ ìbéèrè méjì tí wàá fi yẹ̀ ẹ́ wò àti ìdí tí o fi fẹ́ bi í, máàkì 5.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ìlànà máàkì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nínú A, máàkì kan wà fún ohunkóhun mẹ́rin nínú márùn-ún yìí: ó jókòó sí etí àga, ó ń yíjú sí fèrèsé, ó yí inú búláòsì síta, kò di irun, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tí kò ní máàkì ló gba ìrònú jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ pé "ó ń gbọ́ ohùn" kò ní gba nǹkankan. Wíwo fèrèsé ló rí. Ohùn yẹn, òun ló fi kún un. Ó lè jẹ́ ohùn, ó lè jẹ́ ẹ̀rù, ó lè jẹ́ pé okadà ló ń kọjá. Ẹni tó kọ pé kò sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní gba máàkì níbẹ̀, nítorí pé ìtàn ni, kò sí ẹni tó rí i nínú yàrá náà. Ẹni tó kọ pé "ó rí bíi wèrè" kò ṣàpèjúwe ohunkóhun. Mo kọ gbogbo èyí sínú ìlànà náà ní kedere, nítorí pé ìlànà tó kàn to ohun tó tọ̀nà, tí kò sọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ gba máàkì, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Nínú B, máàkì kan jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin náà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́. Máàkì kejì jẹ́ ti pípè é ní ẹ̀rù tàbí àìbalẹ̀ ọkàn. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ohun tí ojú rẹ̀ fi hàn, ìyẹn ẹ̀rín músẹ́. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti sísọ pé méjèèjì kò bára mu. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ èdè ti ń dá wàhálà sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ń dáhùn ìdánwò, Yorùbá sì ni aláìsàn fi ń sọ̀rọ̀. Mo ti rí i kí akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ "ọkàn mi kò balẹ̀" sí ìbànújẹ́, kí ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sí àìsàn mìíràn. "Inú mi bàjẹ́" ni ìbànújẹ́. "Inú ń bí mi" ni ìbínú. "Ọkàn mi kò balẹ̀" kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Nítorí náà, mo máa ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá náà sílẹ̀ nínú ìbéèrè bí ó ṣe wà, mo sì máa ń to àwọn ìtumọ̀ tí a óò gbà àti èyí tí a kò ní gbà sínú ìlànà máàkì. Bí ẹ kò bá tò ó, olùkọ́ kan á gbà á, èkejì á kọ̀ ọ́.

D ni ọkàn ìbéèrè náà. Máàkì kan fún mímú ìgbàgbọ́ òdì náà jáde: pé ìyá ọkọ rẹ̀ ti dájọ́ ikú fún un. Máàkì kan fún sísọ irú èyí tó jẹ́, yálà akẹ́kọ̀ọ́ pè é ní ti inúnibíni, tàbí ó sọ pé ohun gidi kan tó rí ló ti fún ní ìtumọ̀ àìsàn lójú ẹsẹ̀. A gba èyíkéyìí. Máàkì mẹ́ta wà fún ẹ̀rí, kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ó mọ̀ lójijì láti ara aṣọ lásán, àlàyé dókítà kò mì í, àwọn ará ilé rẹ̀, tí wọ́n gbà pé àjẹ́ wà, kò gba èyí gbọ́. Máàkì kan fún sísọ pé "àjẹ́ wà" kì í ṣe ìgbàgbọ́ òdì, àti máàkì kan fún ẹ̀rí rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí àbúrò rẹ̀ sọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí máàkì kankan fún "irọ́ ni." Dókítà kò lè fìdí ìyẹn múlẹ̀ láti orí àga. Ẹ sì kíyè sí i pé ẹ̀rí gba máàkì mẹ́rin nínú méje, nígbà tí orúkọ àìsàn gba ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹni tó mọ orúkọ láìmọ ìdí kò lè yege D.

Mo wá fi ìlà kan kún un nítorí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ọjọ́sí: "Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ pé òun kò tíì lè dájọ́, tó sì gbé àwọn ẹ̀rí tó wà nínú ìbéèrè yẹ̀ wò, ẹ fún un ní máàkì ẹ̀rí tó bá tọ́ sí i, títí dé mẹ́ta, máàkì orúkọ nìkan ni yóò pàdánù." Ẹni tó ń ṣọ́ra kò gbọ́dọ̀ gba òdo bíi ti ẹni tí kò mọ nǹkankan.

Ní ti E, ọgbọ́n mi kò kọ́kọ́ tó o. Agbára ìyè ni mo ní lọ́kàn. Nígbà tí a dán ìbéèrè náà wò, ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ pé ohun tí kò sí ni gbígbọ́ ohùn, àwọn mìíràn sì kọ òye àìsàn ara ẹni. Gbogbo wọn ló gbà á. Dókítà inú ìtàn mi kò béèrè ìkankan nínú wọn. Mo tún ti fi ìdáhùn pamọ́ sí orí ara mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo wá yí E padà báyìí: "Dókítà kò tíì yẹ agbára ìyè obìnrin yìí wò. Kọ ìbéèrè méjì tó bá a mu, kí o sì sọ ìdí tí àyẹ̀wò yìí fi ṣe pàtàkì kí a tó pe àìsàn rẹ̀ lórúkọ."

Máàkì méjì ló wà fún ìbéèrè méjì náà, kan fún bíbá obìnrin náà mu, àti méjì fún ìdí. Kí ni mo fi pè é ní bíbá a mu? Ohun tí ìwé ìṣègùn máa ń kọ́ wa ni pé kí á ní kí aláìsàn máa yọ 7 kúrò nínú 100: 93, 86, 79, kí ó máa bá a lọ. Fún ẹni tó ka ìwé mẹ́fà, tó sì ń ka òǹkà ní Yorùbá, wàhálà ni. Ọ̀nà yíyọ ni òǹkà tiwa fi ń ṣiṣẹ́: 86 jẹ́ mẹ́rin tó dín nínú 90, 79 jẹ́ ẹyọ kan tó dín nínú 80. Ẹni tó bá ṣì í, a kò ní mọ̀ bóyá ọkàn rẹ̀ ni kò dúró ni tàbí ìṣirò ni kò mọ̀. Télọ̀ ni obìnrin yìí. Ẹ bi í pé, "Ẹ fún mi ní ẹgbẹ̀rún náírà, mo ra òwú 350, ẹ̀lọ ni ṣẹ́ńjì yín?" Ojoojúmọ́ ló ń ṣe 650 yẹn ní ṣọ́ọ̀bù. Tàbí kí ẹ ní kó ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀ padà sẹ́yìn, láti Àbámẹ́ta sí Àìkú. Tàbí kí ẹ béèrè ibi tí ẹ wà àti ọjọ́ tí òní jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ 100 àti 7 yóò gba máàkì ìbéèrè, ṣùgbọ́n kò ní gba ti bíbá a mu.

Ìdí tó gba máàkì méjì ni pé bí obìnrin náà kò bá mọ ibi tó wà, tí ọkàn rẹ̀ ń wá tó ń lọ láàárín wákàtí kan sí èkejì, àìsàn ara lè wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà: ibà líle, àìsàn awọ ọpọlọ, ṣúgà tó lọ sílẹ̀, oògùn kan tó lò. Ẹ̀rù àti èrò pé wọ́n fẹ́ pa òun lè wà nínú irú ipò yẹn pẹ̀lú. Ẹni tó bá fi orúkọ àìsàn ọpọlọ lé e, tí kò yẹ agbára ìyè wò, lè dá a padà sílé pẹ̀lú ibà tó lè pa á. Apá yìí nìkan ni mo máa ń fi àmì sí pé ẹni tó bá gba òdo níbẹ̀, kí olùkọ́ kejì tún ìwé rẹ̀ kà.

Lẹ́yìn tí ìlànà bá ti wà, ẹ má tíì máàkì. Ẹ mú ìwé mẹ́wàá. Kí olùkọ́ méjì máàkì wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìfi han ara wọn, kí wọ́n wá jókòó. Níbi tí máàkì wọn bá fi ju 2 lọ yàtọ̀, kí wọ́n wá ìlà tó fà á. Nígbà kan, èmi fún ìwé kan ní 11, ẹnì kejì mi fún un ní 15. A kà á lápá kọ̀ọ̀kan. Máàkì kan wà níbi "ó ń gbọ́ ohùn" tí òun fún ní A. Mẹ́ta yòókù wà ní D: akẹ́kọ̀ọ́ náà mú "àjẹ́ wà" ní ìgbàgbọ́ òdì, ṣùgbọ́n ó kọ gbogbo ẹ̀rí aṣọ pupa sábẹ́ rẹ̀. Èmi ní, níwọ̀n bí ìpìlẹ̀ ti ṣì, kò sí máàkì. Òun ní, ẹ̀rí náà tọ̀nà. A fẹnu kò pé ẹ̀ṣẹ̀ kan kì í gba ìyà méjì: ó pàdánù máàkì orúkọ àti ti ìgbàgbọ́ tí kì í ṣe òdì, ṣùgbọ́n ó gba ti ẹ̀rí. Ìwé náà di 14. A kọ ìpinnu méjèèjì sínú ìlànà, ìgbà náà ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì ìyókù. Bí a bá ti máàkì ogójì ìwé kí á tó rí i, a ó tún gbogbo wọn ṣe ni.

Ibi tí ìwé lè gbé wa dé náà ní òpin. Nínú ìbéèrè yìí, mo ti gbé ọ̀rọ̀ àbúrò náà sínú àwo fún akẹ́kọ̀ọ́. Ní wọ́ọ̀dù, òun ni yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí, yóò sì mọ bí a ṣe ń bi àgbàlagbà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìrí i fín. Bébà kò lè dán ìyẹn wò. Ìdánwò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ láti ibùdó kan sí èkejì, tí Ronald Harden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Dundee, ní Skọ́tlándì, ní 1975, ló lè ṣe é, nítorí pé olùkọ́ wà níbẹ̀ tó ń wo bí ó ṣe ń béèrè. Ohun tí bébà lè dán wò ni bóyá akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tó yẹ kó ṣe pẹ̀lú ìdáhùn nígbà tó bá rí i gbà. Kí ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Olùkọ́ tó kọ̀wé sí mi yẹn ti fi ìbéèrè tuntun ránṣẹ́. Ọkùnrin awakọ̀ kan ló fi ṣe é, ó ní wọ́n ń lé òun. Ó dára. Mo kàn béèrè ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀: "Nínú ohun tí o kọ, níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń lé e? Awakọ̀ ni o. Àwọn kan lè máa lé e lóòótọ́ nítorí gbèsè." Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Mo ti rí i sà. Màá fi ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ kún un."

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó ní 48 yẹn yege nígbà tó tún un ṣe. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ kò ṣeé tún máàkì mọ́ nígbà tí mo fi mọ àṣìṣe mi. Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i. Ìlà tí mo fi kún D, tirẹ̀ ni. Gbogbo ẹni tó ti gba máàkì níbẹ̀ láti ìgbà náà, òun ló là á sílẹ̀ fún wọn.